Midjourney, ChatGPT tàbí Stable Diffusion: èwo ló yẹ kí ẹ sanwó fún bí ẹ bá fẹ́ àwòrán ìlú láti òkè?

Àwọn tó ń ṣe kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ìwé ìpolówó ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà mọ̀ pé àwòrán tó dà bí ohun tí dírónù yà ni àwọn oníbàárà ń bèèrè báyìí. Ẹ̀rọ ayàwòrán mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra fún ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń díwọ̀n wọn: ṣé bí ilé, igi àti ọ̀nà ṣe rí nínú àwòrán náà bá bí wọ́n ṣe ń rí lójú ẹni tó wà lókè mu? Ọmọ àdúgbò Ìrẹmọ ní Ilé-Ifẹ̀ tó bá wo àwòrán Ìrẹmọ kò gbọdọ̀ mi orí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń dá èyí tí kò tọ́ mọ̀. Oríṣi méjì ni àwòrán òkè. Nínú èkíní, kámẹ́rà kọjú sí ilẹ̀ tààrà. Kò sí ojú ọ̀run níbẹ̀, òrùlé lẹ máa rí jù. Bí ilé bá ṣe jìnnà sí àárín àwòrán tó ni ògiri rẹ̀ tó kọjú sí àárín ṣe máa yọ tó. Bí ilé etí àwòrán bá fi ògiri tó kọjú síta hàn yín, irọ́ ni.

Nínú ìkejì, kámẹ́rà tẹ̀ síwájú, ẹ sì ń rí ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé lókèèrè. Ìlà ìpàdé yìí wà ní ibi gíga kan náà pẹ̀lú kámẹ́rà. Nítorí náà, bí dírónù bá wà ní 60 mítà lórí ilẹ̀ tó tẹ́, ohunkóhun tí kò ga tó 60 mítà kò gbọdọ̀ yọ orí kọjá ìlà náà, bó ti wù kó súnmọ́ wa tó. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan kì í sábà ju mítà méje tàbí mẹ́jọ lọ. Bí òrùlé rẹ̀ bá gé ìlà yẹn kọjá, orí àkàbà ni ayàwòrán náà dúró sí, kì í ṣe ojú òfurufú. Òkè gidi nìkan ló yàtọ̀, ẹ sì mọ̀ pé òkè pọ̀ lágbègbè wa.

Ìdánwò kejì ni kíka òrùlé. Kámẹ́rà ọ̀pọ̀ dírónù kékeré bá lẹ́ńsì 24mm dọ́gba, èyí tó ń rí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po kan ààbọ̀ gíga tó wà. Ní 60 mítà, tí ó bá kọjú sílẹ̀ tààrà, nǹkan bí 90 mítà ló máa wọ inú àwòrán. Bí ilé kan bá fẹ̀ tó mítà 15, mẹ́fà ló máa tò láti ọ̀tún sí òsì. Bí ẹ bá ka ogójì, gíga yẹn ti tó 400 mítà, èèyàn ojú ọ̀nà kò sì gbọdọ̀ ṣeé rí dáadáa mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń já sí nìyí: òrùlé ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ẹ ń rí apẹ̀rẹ̀ tòmátì lórí obìnrin kan.

Mo ń kọ 60 mítà síbí kí ẹ lè ṣírò. Ẹ má retí pé ẹ̀rọ náà máa ṣírò rẹ̀. Ohun tí ojú máa rí ni kí ẹ kọ fún un. Fún àdúgbò bíi Ìrẹmọ, ohun tí mo máa ń kọ fún ChatGPT nìyí:

```
Drone photo over a dense old Yoruba town, camera tilted down,
horizon in the top fifth of the frame. Rusted zinc roofs almost
touching, narrow earth lanes, a few two-storey houses. Every roof
stays below the horizon. Low sun from the left, all shadows
fall to the right.
```

Ìgbọràn ni agbára ChatGPT. Ó lóye gbólóhùn bíi “kí òrùlé kankan má kọjá ìlà yẹn”, bí ó bá sì ṣì í, ẹ lè ní kó tún ibẹ̀ ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń to ilé bí ẹní ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ilẹ̀ fún wọn, àwọ̀ rẹ̀ sì lè fà sí ìyeyè. Ẹ sọ fún un pé òrùlé kò dọ́gba, pé ọ̀nà wọ́.

Midjourney ló mọ páànù tó dípẹtà yà jù lójú tèmi. Àmọ́ ẹwà ló ń lé. Ó máa ń gbé oòrùn alẹ́ àti ìkùukùu wọlé níbi tí ẹ kò ti bèèrè, bí ẹ bá sì kọ “no sky” sáàárín ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ọ̀run náà ló máa yà. Ìparí ni a ń fi ohun tí a kò fẹ́ sí:

```
top-down drone photo, rusted zinc roofs, six roofs across the frame,
narrow earth lanes, shadows falling right
--ar 3:2 --style raw --no sky, horizon
```

Nínú Stable Diffusion, tí a fi ControlNet kún, ìyẹn àfikún tó ń mú kó tẹ̀lé àwòrán tí a fún un, ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ni a fi ń darí. Ẹ lè fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya ohun tó ní gíga, fífẹ̀ àti jíjìn, to àpótí lásán bí ilé, kí ẹ gbé kámẹ́rà 24mm sí 60 mítà, kí ẹ mú àwòrán “depth” jáde, èyí tó ń fi bí wọ́n ṣe jìnnà tàbí súnmọ́ kámẹ́rà hàn, kí ẹ sì fún ControlNet. Ibi tí àpótí bá wà ni ilé máa wà. Òun ló jẹ́ kí ìṣirò òkè yìí wọ inú àwòrán jù. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń béèrè kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán tó lágbára bíi ti Nvidia, iná tó dúró, àti sùúrù láti kọ́ ọ.

Tó bá kan oko, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń ṣìnà bákan náà. Ẹ kọ “cocoa farm”, wọ́n á to igi ní ìlà bí oko òyìnbó. Oko kòkó Ifẹ̀ láti òkè dà bí igbó: ewé kòkó so pọ̀, igi ìbòòji ga jù wọ́n lọ níbìkan níbìkan, ipa ẹsẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Ẹ kọ “uneven closed canopy, scattered taller shade trees, no rows”. Ní Midjourney, ẹ gbé “rows” lọ sẹ́yìn `--no`.

Etíkun kò sí nítòsí wa, ṣùgbọ́n oníbàárà lè ní kí ẹ ya ti Ìlàjẹ. Ẹ sọ pé etíkun tẹ́, pé omi kò mọ́ gaara, kí wọ́n má baà fi òkúta gíga àti omi aláwọ̀ búlúù ránṣẹ́ sí yín.

Lórí owó, ChatGPT Plus jẹ́ 20 dọ́là lóṣù, ẹ sì lè ya díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sanwó. Midjourney bẹ̀rẹ̀ láti 10 dọ́là, ṣùgbọ́n àwòrán yín máa wà ní gbangba lórí rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ra ti 60 dọ́là. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò fẹ́ kí iṣẹ́ hàn kó tó jáde gbọ́dọ̀ ro èyí. Ẹ bi báǹkì yín bóyá káàdì náírà yín ń sanwó sókè òkun àti iye tó lè san lóṣù.

Èmi á ní kí ẹni tó ń ṣe kàlẹ́ńdà ra ChatGPT. Ẹni tó fẹ́ fi àwòrán ṣe èèpo ìwé, tí àwòrán gbangba kò dà láàmú, kó ra Midjourney ti oṣù kan. Stable Diffusion yẹ ayàwòrán ilé tó ti ní kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sì ń ta ilẹ̀, kò sí èyí tó yẹ ẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: dírónù gidi ni kó háyà, nítorí ẹni tó ń ra ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ tó fẹ́ rà gan-an.