Láfún kílò 15, owó kílò 25: ohun tí mo rí nígbà tí mo fi oúnjẹ ilé ránṣẹ́ sí ọmọ mi láti Abẹ́òkúta

Fọ́tò náà ló kọ́kọ́ fà mí lójú. Láfún funfun báláú nínú abọ́, gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, edé, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ká bí òrùka, irú nínú ewé, àti pọ́nmọ́ ní igun kan. Ohun tí obìnrin tó ń bá èèyàn fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: “Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín wà lókè òkun, oúnjẹ ilé ti fẹ́ wọkọ̀ o! Láfún, gàrí, irú, ẹja, gbogbo ohun tí ọmọ yín ń jẹ nílé. Kílò kan ₦7,500. Ọjọ́ 7 sí 10, ó ti dé ẹnu ọ̀nà wọn.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ mi obìnrin ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún méjì, ẹnu rẹ̀ kò sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ láfún. Ó ní èyí tí òun ń rà níbẹ̀ kì í fà, pé bí òun bá rò ó tán, ṣe ló máa ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọmọ Ẹ̀gbá kò lè gbọ́ irú ìyẹn kó dákẹ́. Mo ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí lọ́dọ̀ obìnrin yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kúkúrú tó wà lábẹ́ fọ́tò yẹn, torí ìgbà àkọ́kọ́ kò rí bí mo ṣe rò.

Kí n tó gbé ẹrù lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kútọ̀, mo ti wọ̀n ọ́n nílé. Láfún kílò 6, gàrí kílò 3, egúsí kílò 2, ẹja àti edé kílò kọ̀ọ̀kan, ata gígún, irú àti ewédú gbígbẹ ní ààbọ̀ ààbọ̀ kílò. Pẹ̀lú páálí, ó jẹ́ kílò 15. Mo ti ka ₦112,500 sọ́tọ̀. Ọmọkùnrin tó ń gba ẹrù gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó rí 15 bí èmi náà ṣe rí i, àmọ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀. Téèpù ló nà jáde. Ó wọn gígùn páálí náà, ó wọn ìbú rẹ̀, ó wọn gíga rẹ̀, ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó wá ní, “Mọ́mì, kílò 25 lẹ máa san.”

Inú bí mi gan-an. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ débi tó yé mi. Ọkọ̀ òfuurufú kì í ta ìwúwo nìkan, ó ń ta àyè pẹ̀lú. Páálí tó fúyẹ́ tó sì tóbi ń gba ibi tí wọn ì bá gbé páálí ẹlòmíràn sí. Nítorí náà, wọ́n máa ń fi gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, wọn á fi 5,000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ àti ohun tí òṣùwọ̀n sọ ni wọ́n á gba owó rẹ̀. Páálí tèmi jẹ́ 60 ní gígùn, 45 ní ìbú, 45 ní gíga. Ìyẹn jẹ́ 121,500. Ẹ fi 5,000 pín in, ó di 24.3, wọ́n sì gbé e lọ sí 25. Bí mo ṣe san ₦187,500 nìyẹn.

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn náà, mo béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, òun náà ní bẹ́ẹ̀ ni, pé 6,000 làwọn kan fi ń pín in, pàápàá àwọn tó ń kó ẹrù pọ̀ sínú ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù. Bí wọ́n bá fi 6,000 pín tèmi, kílò 21 ni ǹ bá san. Ẹ rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo, “Kí lẹ fi ń pín páálí?”, lè gbé kílò mẹ́rin kúrò lọ́rùn ẹni. Àmọ́ mi ò lè gbà pé ó tọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí má sí lábẹ́ fọ́tò rárá. Ẹni tó kọ “kílò kan ₦7,500” mọ ohun tí ìyá tó ń kà á nílé máa ṣe: ó máa gbé ẹrù rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀, kò sì jiyàn.

Nígbà kejì, mo lọ bá a pẹ̀lú ẹrù kan náà, kílò 14 àti ààbọ̀ láìka páálí, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí wọ́n dì í ní ṣọ́ọ̀bù. Ewédú gbígbẹ tí mo fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà àkọ́kọ́ ló gba àyè jù nínú páálí, bẹ́ẹ̀ ni kò wúwo rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti lọ̀ ọ́ kúnná, ó wá di àpò kékeré kan. Wọ́n da láfún àti gàrí sínú nailọ́ọ̀nù tó nípọn, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ó fi le gbandi bí ìwé ńlá. Ẹ̀ ń tò ó léra bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù, kò sí àlàfo láàárín. Páálí náà wá di 45, 35, 30. Ẹ ṣírò rẹ̀: 47,250, ẹ fi 5,000 pín in, kò tó 10. Ohun tí òṣùwọ̀n sọ ló wá pọ̀ jù, kílò 15 gééré, ₦112,500. Oúnjẹ kan náà, ọ̀nà kan náà, ₦75,000 ló kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ láfún gan-an ló dùn mí jù. Nígbà tí páálí àkọ́kọ́ dé, ọmọ mi pè mí lórí fídíò, ó ń tú u. Gàrí dára, ẹja dára. Ó mú nailọ́ọ̀nù láfún kejì, ó gbé e súnmọ́ fóònù, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ti làágùn. Láfún ti di kókó níbi tó ti kan nailọ́ọ̀nù, àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀ sì wà lára kókó náà. Ó ṣí i, ó ní, “Ìyá mi, ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ.” Ó fẹ́ sá a sí ojú fèrèsé. Mo ní kó dà á nù. Láfún tó bá ti bu, èèyàn lè sá a kó gbẹ, ohun búburú tó ti wọ inú rẹ̀ kì í bá oòrùn lọ. Kílò méjì ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè rò pé láfún náà ni kò gbẹ. Ó gbẹ. Mo ra ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe é ní ọjà Láfẹ́nwá kí n tó lọ̀ ọ́, mo ṣẹ́ ẹ, ó dún káú. Ẹ̀gẹ́ tó bá ṣì ní omi nínú kì í dún, ó máa ń tẹ̀ kó tó kán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ẹnu ẹ̀rọ ìlọta ni mo ti gbé e lọ tààrà, ìyẹ̀fun náà ṣì gbóná lọ́wọ́ nígbà tí mo dì í pa. Ooru tó wà nínú rẹ̀ kò rí ibi jáde. Nígbà tí òtútù òkè òfuurufú mú nailọ́ọ̀nù náà, ooru di omi sí i lára, omi náà sì padà sínú láfún. Àpò méjì yòókù tí mo lọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú kò ní nǹkan kan.

Nítorí náà, mo máa ń tẹ́ láfún sórí aṣọ mímọ́ nínú ilé di ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí mo bá lọ̀ ọ́ tán, kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti dì í. Kí n tó dì í, mo máa ń bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, mo dé e pa, mo gbé e sóòrùn fún bíi wákàtí kan. Bí ìkán omi bá hàn lára ìgò nínú, kò tíì yá. Ẹja àti edé ní tiwọn, mo máa ń kó wọn sínú firísà fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹyin kòkòrò tó wà lára wọn lè kú, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n padà sí bí ilé ṣe rí kí n tó tú nailọ́ọ̀nù wọn.

Mo gbọ́dọ̀ yin obìnrin yìí lórí ohun tí kò gbà. Pọ́nmọ́ ló wà nínú fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé tèmi jáde, ó dá a padà. Ìlú Ọba kò gba ẹran tàbí ohun tó ti ara ẹran wá láti ọ̀dọ̀ wa, yálà ó gbẹ tàbí ó tutù, bí wọ́n bá sì rí i nínú páálí, wọ́n á gbà á. Ẹja yàtọ̀, wọ́n gbà kí èèyàn mú un wọlé títí dé kílò 20 fún jíjẹ ara rẹ̀. Ó dá ẹ̀wà olóyin tí mo mú wá padà pẹ̀lú. Ó ní láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ ilẹ̀ wa má wọlé mọ́, nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n bá nínú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú òtàpiápiá. Ìyẹn bà mí nínú jẹ́, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọ́n oògùn yẹn sí àpò ẹ̀wà lọ́jà. Iṣu àti ewé tútù náà kò sí lára ohun tó ń gbà, torí wọ́n nílò ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ni òun ń gbé, owó yín nìkan ló fẹ́ gbé. Àmọ́ kí ló dé tí pọ́nmọ́ fi wà nínú fọ́tò? Mo bi í, ó ní fọ́tò àtijọ́ ni.

Irú pẹ̀tẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́, ó ń tú omi, òórùn rẹ̀ á sì wọ ẹrù ẹlòmíràn. Irú wóró ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ sá a kó gbẹ dáadáa.

Ní ti ọjọ́ 7 sí 10, ọjọ́ 13 ni tèmi àkọ́kọ́ gbà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ gbéra ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí mo gbé e dé Kútọ̀. Sátidé ni wọ́n máa ń kó ẹrù lọ sí Èkó, èmi sì gbé tèmi dé ní Mọ́ńdè. Nígbà kejì, mo gbé e lọ ní Furaidé, ọjọ́ 9 ló dé.

Mo wo ojú ewé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti yọ fọ́tò pọ́nmọ́ kúrò, ó sì ti kọ sábẹ́ iye kílò pé kí èèyàn wọn páálí rẹ̀ kó tó wá. Páálí mi kẹta ń lọ ní Sátidé yìí. Láfún rẹ̀ ti wà lórí aṣọ nínú yàrá láti àná.