Fẹ́ńdọ̀ A àbí Fẹ́ńdọ̀ B: ẹ fún ìdáhùn ààbò wọn ní máàkì kí ẹ tó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Ìgbógbó fẹ́ kó àkáǹtì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn kúrò nínú lẹ́jà lọ sórí kíláòdù, fẹ́ńdọ̀ méjì ló sì kù tí wọ́n ń wò. Mo mọ àwọn méjèèjì. Ẹgbẹ́ tiwa níbí ní Ìkòròdú ti lo A rí, B la wà lórí ẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó ìwé ìbéèrè ààbò tí àwọn méjèèjì dáhùn wá bá mi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ owó oṣù tàbí bí ápù ṣe rí, gbogbo ìyẹn wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn.

Inú CAIQ ni wọ́n ti yọ àwọn ìbéèrè náà, ìyẹn ìwé ìbéèrè ààbò kíláòdù tí Cloud Security Alliance ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ni, rárá, tàbí "kò kàn wá" ni fẹ́ńdọ̀ máa ń mú níbẹ̀, ó sì lè kọ àlàyé sí i. Fẹ́ńdọ̀ A kọ bẹ́ẹ̀ni látòkè délẹ̀. B kọ rárá sí ibì kan. Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ni lẹ kàn ń kà, A ti wọlé nìyẹn.

Èmi kì í ka bẹ́ẹ̀ni. Ẹ̀rí tó tẹ̀lé e ni mò ń fún ní máàkì: tí wọn ò bá dáhùn tàbí tí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀ po, òdo. Bẹ́ẹ̀ni tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn, 1. Ìwé pólísì, 2, torí pólísì ń sọ ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe ni. Àkọsílẹ̀ pé wọ́n ti ṣe é, tó ní déètì, tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é, ìyẹn ló gba 3. Ẹni tó bá kọ rárá tó sì sọ ohun tó ń ṣe dípò ẹ̀ àti ìgbà tó máa tún un ṣe, èmi máa ń fún un ní 1 bíi ti ẹni tó kàn kọ bẹ́ẹ̀ni lásán, torí pé ó kéré tán òótọ́ lẹ gbọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ wá fi bí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó sọ máàkì yẹn di púpọ̀. Fún ẹgbẹ́ tó ń pa owó èèyàn mọ́, bákọ́ọ̀pù wúwo tó 5 lójú tèmi, ẹni tó lè wọlé bíi àdímínì 3, ripọ́ọ̀tù odítọ̀ 3, ẹ́ńkíríṣọ̀n, ìyẹn sísọ dátà di àdììtú, 1.

Ibi bákọ́ọ̀pù yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró dáadáa. "Ǹjẹ́ ẹ máa ń ṣe bákọ́ọ̀pù, ẹ sì máa ń tẹ́ẹ̀sì ẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ni ni A kọ nígbà tiwa náà, bákọ́ọ̀pù sì wà lóòótọ́, alaalẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú àkáǹtì kíláòdù kan náà tí databéèsì wà ni wọ́n ń kó o sí, páásíwọ̀ọ̀dù àdímínì kan ṣoṣo ló ń ṣí méjèèjì, bí ẹni tó so kọ́kọ́rọ́ sípíà mọ́ kọ́kọ́rọ́ tó ń lò. Ọjọ́ tí ẹnìkan rí páásíwọ̀ọ̀dù òṣìṣẹ́ wọn gbà, ó pa databéèsì rẹ́, ó sì pa bákọ́ọ̀pù rẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ̀dà àtijọ́ kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ wọn ni wọ́n rí gbé dìde, a wá jókòó ní Sábó a ń gba káàdì àwọn ìyá ọlọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń tún owó tí wọ́n dá kọ, àwọn kan sì ti sọ káàdì nù. Ìyà yẹn ò yẹ wọ́n rárá, àwọn tó ń dá owó lójoojúmọ́.

Torí náà ohun mẹ́ta lẹ máa béèrè níbẹ̀. Ibo ni bákọ́ọ̀pù wà, ṣé àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí àdímínì ti databéèsì ò lè dé ni? Ṣé wọ́n ti tì í pa débi pé àdímínì gan-an ò lè pa á rẹ́ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé? Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: àkọsílẹ̀ ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n dá dátà padà látinú bákọ́ọ̀pù. Ó gbọ́dọ̀ ní déètì, databéèsì tí wọ́n lò, aago tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti aago tí wọ́n parí, iye ìlà tó wà tẹ́lẹ̀ àti iye tó padà wá, àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Sikirinṣọ́ọ̀tù tó kọ "Backup completed" kì í ṣe ẹ̀rí dídá padà o, ó kàn ń sọ pé fáìlì kan ti kúrò níbì kan dé ibòmíì ni, fáìlì yẹn lè ṣófo tàbí kó ti bàjẹ́. B fi àkọsílẹ̀ tiẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì gbà kí akọ̀wé ẹgbẹ́ Ìgbógbó jókòó tì wọ́n kó máa wò ó bí wọ́n ṣe ń dá dátà padà. Pólísì ni A fi ránṣẹ́, gbogbo ohun tó sì sọ nínú ẹ̀ ni pé àwọn ń ṣe bákọ́ọ̀pù, kò dárúkọ dídá padà rárá. Bẹ́ẹ̀ni lásán ni mo kà á sí, 1 ni mo fún wọn, B gba 3.

Ripọ́ọ̀tù odítọ̀ ńkọ́? Fẹ́ńdọ̀ A ní SOC 2 Type I, B ò ní nǹkan kan, ibẹ̀ ló ti kọ rárá. Type I ń sọ pé lọ́jọ́ kan pàtó ètò wọn dáa bí wọ́n ṣe tò ó, Type II ló ń wò ó fún oṣù mélòó kan bóyá wọ́n ń tẹ̀lé e lóòótọ́. Mo fún A ní 2, Type II ìbá gba 3. B gba 1, torí ó sọ ohun tó ń ṣe dípò ẹ̀ àti ìgbà tó máa ṣe é. Ẹ wo orúkọ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ dáadáa, torí àwọn fẹ́ńdọ̀ mìíràn máa ń fi ripọ́ọ̀tù Amazon tàbí Microsoft tí wọ́n ń lo kíláòdù wọn ránṣẹ́ bíi pé tiwọn ni, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìyẹn ò sọ nǹkan kan nípa òṣìṣẹ́ fẹ́ńdọ̀ tó ń lo páásíwọ̀ọ̀dù kan náà níbi gbogbo.

Ti àdímínì, àwọn méjèèjì ní pólísì tó ní kóòdù tó ń wọlé sórí fóònù, 2 kan 2. Ẹ́ńkíríṣọ̀n, 3 kan 3, láti January 2023 ni Amazon S3, ibi tí Amazon ti ń tọ́jú fáìlì lórí kíláòdù, ti ń ṣe é fúnra ẹ̀ fún fáìlì tuntun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ta ọjà fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ẹ̀, bákọ́ọ̀pù, àdímínì, odítọ̀, ẹ́ńkíríṣọ̀n. A: 5, 6, 6, 3, ó jẹ́ 20. B: 15, 6, 3, 3, ó jẹ́ 27. 36 ló yẹ kó pé.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì, ẹ ní kí wọ́n so ìwé ìdáhùn yẹn mọ́ ọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé òótọ́ ni, kí bẹ́ẹ̀ni wọn lè di àdéhùn. Ẹ fi dídá dátà padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún sí i, tẹ́yin náà á rí àkọsílẹ̀ ẹ̀. Nigeria Data Protection Act 2023 fún ẹgbẹ́ ní wákàtí 72 láti sọ fún Kọmíṣọ̀n tó ń rí sí ààbò dátà tí dátà èèyàn bá jò tó sì lè pa wọ́n lára, torí náà ẹ má gbà ju wákàtí 24 lọ fún fẹ́ńdọ̀ láti sọ fún yín.

Fẹ́ńdọ̀ A ò burú, ápù wọn yára ju ti B lọ, ripọ́ọ̀tù tí wọ́n ní sì jẹ́ nǹkan tí B ṣì ń wá owó ẹ̀. Tí wọ́n bá fi àkọsílẹ̀ dídá padà tó yè kooro ránṣẹ́, 5 yẹn á di 15, àpapọ̀ wọn á di 30, wọ́n á sì ju B lọ, mi ò sì ní bá wọn jà sí i. Ẹgbẹ́ Ìgbógbó ti kọ ímeèlì béèrè ẹ̀. Pólísì yẹn náà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́, wọ́n kàn yí déètì tó wà lókè ẹ̀ padà.