Àmàlà ẹni tí kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù rẹ̀ ga: ewédú àti gbẹ̀gìrì ni, àbí ẹ̀fọ́ rírò?

Ara Ìbàdàn tí dókítà kìlọ̀ fún kì í fẹ́ gbọ́ pé kó fi àmàlà sílẹ̀. Kò pọn dandan. Inú ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ewédú kì í gba epo. Gbẹ̀gìrì ń gba díẹ̀, fáíbà inú ẹ̀wà rẹ̀ sì ń bá wa dín kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù kù. Wàhálà rẹ̀ ni bíbó ẹ̀wà, àti ọbẹ̀ ata tí epo léfòó sí tí wọ́n ń bù lé e lórí.

Ẹ̀fọ́ rírò yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n epo ni wọ́n fi ń rò ó, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́róọ̀lù burúkú sókè. Fún ìkòkò ẹni mẹ́rin, ṣíbí ìjẹun méjì ti tó; irú ni yóò gbé adùn rẹ̀.

Nínú méjèèjì, ẹja Títù ni kó rọ́pò ṣàkì àti ẹran ọlọ́ràá. Ẹ má dín in. Tí ata bá ti hó, ẹ jù ú sí i ní tútù, ẹ bò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má rò ó, ìkòkò ni kí ẹ mì, kó má baà fọ́.

Ẹni tó ń jẹun ní bùkà, ewédú àti gbẹ̀gìrì ló yẹ ẹ́, kí olóúnjẹ ṣáà fi ọbẹ̀ ata mọ níwọ̀n. Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé wá dáná, ẹ̀fọ́ ni.