Àpò jẹ́ẹ̀lì tí mo rà fún orúnkún màmá mi n'Ógbòmọ̀ṣọ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí o. Orúnkún ọ̀tún màmá mi ló wú, làkúrègbé wọn ló tún dé, tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ lé e ẹ máa mọ̀ pé ó gbóná ju ti òsì lọ. Mo lọ sí kẹ́míìsì kan ní Tákíẹ̀ láti ra àpò jẹ́ẹ̀lì tó ṣeé gbé sí fìríìsà, tó sì ṣeé kì bọ omi gbígbóná. Mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin tó ń tajà, kò bi mí ní nǹkan kan, ó ní ká fi omi gbígbóná sí i ká fi róòbù wọ́ ọ dáadáa, ló bá tún gbé oògùn ìrora dáíkílófẹ́náàkì kalẹ̀. Mo ní màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru o, ó ní kò sí wàhálà.

Wàhálà wà ńbẹ̀! Dáíkílófẹ́náàkì yẹn lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó lè dá ọgbẹ́ sínú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, àgbàlagbà ló sì tètè máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ màmá fámásì tó yọ láti ẹ̀yìn. Wọ́n gba káàdì oògùn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n wá bi mí: ṣé ara màmá ń gbóná? Ṣé wọ́n ṣubú? Ṣé wọ́n lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀? Wọ́n ní tí ibà bá wà ńbẹ̀ tàbí tí wọn ò lè dìde rárá, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà, kì í ṣe àpò. "Tó bá wú tó sì gbóná, tútù ni. Tó bá kàn gan láàárọ̀ tí kò wú, ẹ lo gbígbóná." Wọ́n mú táwẹ̀lì tín-ínrín, wọ́n fi wé àpò náà lójú mi, wọ́n ní kó má kan awọ ara lásán, ìṣẹ́jú 15 ó tó, ká yọ ọ́, ká wo awọ ara, kó tó di wákàtí bíi méjì ká má tún gbé e lé e. Pàrásítámọ̀ oní-mílígíráàmù 500 ni wọ́n tà fún mi: hóró 2 lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 6 síra wọn, kó má ju 8 lọ lójúmọ́, ká sì wo ara páálí oògùn kátá torí pàrásítámọ̀ máa ń wà nínú ẹ̀.

Àpò yẹn dáa gan-an. Bó ṣe dì tó ó ṣì ń tẹ̀ yí orúnkún ká, áìsì búlọ́ọ̀kù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bẹ́líìtì ẹ̀ ti já, tí ò bá sì sí iná ńkọ́? Áìsì fífọ́ nínú nọ́ọ̀lọ̀ǹ pẹ̀lú táwẹ̀lì náà la máa ń lò nígbà yẹn.

Ibi tó le jù ni ọjọ́ tára bá fúyẹ́. Màmá á gbálẹ̀, wọ́n á fọṣọ, wọ́n á tún ní àwọn ń lọ sọ́jà, tó bá dọjọ́ kejì orúnkún á tún wú. Ní báyìí tí wọ́n bá gbálẹ̀ láàárọ̀, ìfọṣọ di ọ̀la, orí àga gíga ni wọ́n ti ń gé ẹ̀fọ́ dípò àpótí, ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì torí orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n. Wọn kì í sùn kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ o, wọ́n ń na ẹsẹ̀ wọn ń ká a díẹ̀díẹ̀ kó má bàa gan. Wíwú yẹn ti lọ sílẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, nítorí ọmọkùnrin yẹn ló ń dá dúró ní káńtà tí màmá fámásì ò bá sí ńlé. Síbẹ̀, àpò kejì, ibẹ̀ náà ni màá ti rà á.