Gbígba owó láti Faransé sínú àkáǹtì ní Àjàṣẹ́: ohun tí ojú mi rí láàárín ọdún méjì

Ó ti pé ọdún méjì tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Párì, ti ń fi owó ilẹ̀ tí a fẹ́ rà ránṣẹ́ sí mi. N kò ní dárúkọ báǹkì tí mo ń lò níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí owó ń ti òkè òkun bọ̀ wá bá ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó kì í gba inú àkáǹtì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi a máa fi í ránṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù kan, a fún mi ní nọ́ńbà, èmi náà a sì lọ gbà á lọ́wọ́ nítòsí ọjà Wàńdò. Ó yá lóòótọ́, nítorí kì í ju wákàtí kan lọ. Àmọ́ bí mo bá ti gbà á tán, èmi fúnra mi ni mo ń kó o lọ sí báǹkì, ohun tí ó sì ń hàn nínú ìwé àkáǹtì ni pé èmi ni mo kó owó wá. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ti pòórá níbẹ̀.

N kò ka èyí sí títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ san owó fún notáírì, òṣìṣẹ́ òfin tí ó ń ṣe ìwé ilẹ̀ náà. Òṣìṣẹ́ báǹkì ní kí n ṣàlàyé 1 800 000 fàráǹkì tí mo kó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, nígbà tí ó jẹ́ pé òwò aṣọ tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù wọn kò lè mú iye bẹ́ẹ̀ wá. Rìsíìtì kan péré ni mo rí nínú àpò mi, èyí náà sì ti ṣá, ó di bébà funfun, nítorí pé ooru ni ẹ̀rọ wọn fi ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi dúró kí ṣọ́ọ̀bù ti Párì tó tún ẹ̀rí náà tẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe ìkà ni òṣìṣẹ́ náà ń ṣe: òfin ló ní kí báǹkì mọ orísun owó, kí wọ́n sì ròyìn èyí tí ó bá rú wọn lójú fún CENTIF, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń ṣàyẹ̀wò owó tí a fura sí.

Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ láti àkáǹtì rẹ̀ sí tèmi tààrà. Báǹkì fún mi ní ìwé tí IBAN mi, nọ́ńbà àkáǹtì tí a fi ń gba owó láti òkè òkun, wà nínú rẹ̀: lẹ́tà BJ ló bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ àmì 28. Orúkọ ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kọ orúkọ mi ní ADESINA, bí a ti ń pè é nílé, àmọ́ ohun tí ó wà lára káàdì ìdánimọ̀ mi ni ADECHINA gẹ́gẹ́ bí Faransé ti ń kọ ọ́. Báǹkì dá owó náà padà. Ẹ̀dà lẹ́tà orúkọ láti ara káàdì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe bí ẹnu ti ń pè é.

Nígbà tí ó tún fi 5 000 yúrò ránṣẹ́, mo ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀. Yúrò kan jẹ́ 655,957 fàráǹkì, iye yìí kì í yí padà, nítorí náà 3 279 785 ni mo ń retí. 3 259 946 ló wọlé. SHA ni ẹ̀gbọ́n mi yàn lórí ẹ̀rọ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwa méjèèjì ni a pín owó iṣẹ́: báǹkì tí ó wà láàárín ti yọ yúrò 15, tèmi náà sì yọ 10 000 fàráǹkì. Bí ó bá jẹ́ OUR ni, òun ni ì bá san gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá ní iye kan pàtó láti san fún notáírì mọ èyí ṣáájú.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a gé owó sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wa fi í ránṣẹ́, kí báǹkì má baà béèrè ọ̀rọ̀. A kò gbà. Irú gígé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń mú kí wọ́n fura, yóò sì sọ ẹ̀rí ẹnì kan di ti ènìyàn márùn-ún.

Fún owó kọ̀ọ̀kan, ìwé mẹ́rin ni mo ń tọ́jú pọ̀: ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìfiránṣẹ́ owó, tí a mọ̀ sí MT103, tí ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀, èyí tí ó ń fi orúkọ olùfiránṣẹ́, ọjọ́ àti ìdí owó hàn, ìwé tí báǹkì mi fi sọ pé owó wọlé, ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, àti ìwé owó oṣù rẹ̀. Ní àyè ìdí owó, a kì í kọ «ìrànlọ́wọ́» mọ́. «Owó ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́» ni à ń kọ, kí ó lè bá ìwé notáírì mu. Nígbà tí mo san owó ilẹ̀ ìkẹyìn, ogún ìṣẹ́jú ni òṣìṣẹ́ fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Àìyára ni mo fi ń dá wọn lẹ́bi: ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni owó fi ń dé. Wọn kì í sì í fi ìwé pé owó wọlé ránṣẹ́ fúnra wọn. Èmi ni mo ń lọ tò lórí ìlà láti béèrè rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan.