Ìṣẹ́jú-àáyá 640 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbí 10 lọ́nà 64?

Láti ya ìràwọ̀ lóru, gbé kámẹ́rà tó ní lẹ́ńsì 24 mm sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kì í yí. Bí o bá ṣí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 640 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ayé á ti yí: ìràwọ̀ á fà gùn tó nǹkan bíi píksẹ́lì 190. Pín àkókò yẹn sí àwòrán 64, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 10, fífà náà ò ní ju bíi píksẹ́lì 3 lọ.

Ká sòótọ́, ẹyọ kan nínú wọn kì í wuni wò. Ó máa ń rí wúruwùru bí ẹni bu iyanrìn sí i. Àmọ́ iyanrìn yẹn ń yí padà láti àwòrán dé àwòrán, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kì í yí. Bí Siril, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to àwòrán ojú ọ̀run pọ̀, bá to ìràwọ̀ léra wọn, tó sì mú ìpíndọ́gba, ariwo, ìyẹn iyanrìn yẹn, á lọ sílẹ̀ sí ìdá kan nínú 8. Láti tún dín in kù ní ìdajì, àwòrán 256 lo nílò. Bí sátẹ́láìtì bá là á kọjá, àwòrán kan péré ló bà jẹ́. Igi àti òkè nílẹ̀ nìkan ni yóò ṣú mọ́ra. Ya ìyẹn lọ́tọ̀.

Ibi tí àwòrán gígùn ti borí rèé: gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá ka ìmọ́lẹ̀ ló ń fi ariwo tirẹ̀ kún un. Gígùn san án lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú san án lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bí ibi tó ga jù nínú àtẹ ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń fi hàn bá lẹ̀ mọ́ ògiri òsì, àwòrán rẹ kúrú jù.