Ọ́ìlì jíà Kòrólà mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Wàndó: ẹ má gbà pé "pupa ṣáà ni gbogbo ẹ̀"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra mọ́tò tòkunbọ̀ tí kò ní ìwé ìlò, ẹ dákun ẹ ka èyí. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì yìí ní Wàndó, níbí ní Àjàṣẹ́, bí mi nínú gan-an ni. Kòrólà mi, ọ̀tọmátíìkì ni, Amẹ́ríkà ló ti wá, Kútọnu ni mo ti rà á. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ́ìlì jíà, ọ̀gá ò tiẹ̀ béèrè mọ́tò wo, ó gbé ọ́ìlì jíà Tóyótà tí wọ́n ń pè ní WS kalẹ̀, ó ní tuntun ni, ó ti rọ́pò gbogbo ti àtijọ́, ó ní pupa ṣáà ni gbogbo ẹ̀. Mo ní ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yẹ mọ́tò wò ná. Ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni, ló bá tún ń ṣí ìdérí ẹ̀, mi ò sì tíì sanwó o!

Pupa yẹn, aró lásán ni wọ́n pò mọ́ ọn. T-IV, ọ́ìlì jíà Tóyótà ti àtijọ́, pupa, WS náà pupa, àmọ́ WS ṣàn ju T-IV lọ, Tóyótà ò sì ní ká fi ọ̀kan dípò ìkejì. Tó bá ṣì, jíà lè máa pẹ́ kó tó wọlé, mọ́tò á sì máa gbọ̀n tó bá ń pààrọ̀.

Àbúrò obìnrin kan tó ń bá wọn tajà ló gbà mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Ó fa ọ̀pá ìwọn jíà yọ, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì o, ó fi àkísà nù ún, ó kọ ọ́ sí oòrùn, mo rí T-IV lára irin ẹ̀ kedere. Ó tún ní wọ́n lè ti pààrọ̀ ọ̀pá náà, ó wá fi èékánná ka nọ́ḿbà ṣásì. Ti mọ́tò Amẹ́ríkà, àmì ìkẹwàá ló ń sọ ọdún, 5 ló wà níbẹ̀, 2005 nìyẹn. Mo fi U341E, orúkọ irú jíà mọ́tò náà, hàn án lára ilẹ̀kùn, ó ní ìyẹn nìkan ò tó, torí jíà yẹn náà ló wà nínú Kòrólà 2009, WS ni tiẹ̀ sì ń lò. Ọmọ yìí mọṣẹ́, Ọlọ́run á bùkún un!

Ó ta T-IV tí wọn ò tíì ṣí fún mi. Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wọn tú ti àtijọ́ sínú ike oníwọ̀n, bíi lítà 3 ló jáde, ìyókù ò lè jáde lẹ́ẹ̀kan, iye tó jáde náà ló dá padà láti ihò ọ̀pá. A wa mọ́tò títí ó fi gbóná, a gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, mo tẹ bíréèkì, mo fa jíà láti P dé L, mo dá a padà sí P, mẹkáníìkì wá wọ̀n ọ́n, ó bọ́ sí ibi HOT gẹ́lẹ́. Báyìí, tí mo bá ti fi sí D, ó ti wọlé nìyẹn.

Ọ̀gá ò bẹ̀ mí títí mo fi lọ.

Máàkì: 4 nínú 5. Tó bá jẹ́ ọ̀gá nìkan lẹ bá nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ dúró de àbúrò yẹn.